Ṣé Ó Burú Bí Mo Bá Fo Ọ́púdéètì Oṣù Kan?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, bọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ọ̀kà-Àkókó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó ní: "Àbúrò, kọ̀ǹpútà mi tún ń bèèrè ọ́púdéètì o. Ti oṣù tó kọjá, mi ò ṣe é, dátà ò sí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ lọ wá ti oṣù tó kọjá yẹn ná kí n tó ṣe tuntun yìí, àbí kí ni ṣíṣe?"

Mo dá wọn lóhùn pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ wá a. Ẹ ṣe ti oṣù yìí nìkan, ó ti tán." Wọn ò gbà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń lo Windows 7, ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ máa ń kìlọ̀ pé èyíkéyìí téèyàn bá fò, ihò ló fi sílẹ̀ yẹn, ihò ọ̀hún ò sì ní dí fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi àti ẹni yẹn, kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wa. Irú ọ́púdéètì méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fò ó, ihò ló fi sílẹ̀ lóòótọ́. Ìkejì sì wà tó jẹ́ pé ti oṣù yìí ti kó ti oṣù tó kọjá mọ́ra. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì lè máa fi dátà ṣòfò, ó sì lè máa rò pé ilẹ̀kùn òun wà ní títì nígbà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Àtúnṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Windows kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ni, kálukú sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, ìyẹn ń bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, òmíràn ń gbé lẹ́tà jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá rí àléébù nínú fáìlì kan, àwọn ẹnjiníà Microsoft á kọ ẹ̀dà tuntun fáìlì yẹn, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Àtúnṣe tó bá wá fún àléébù kan ṣoṣo báyìí ni wọ́n ń pè ní họ́tífíìsì. Ó dà bí aṣọ tó ya ní abíyá, tí télọ̀ wá lẹ abíyá nìkan. Kò fọwọ́ kan ọrùn, kò fọwọ́ kan etí aṣọ.

Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà KB. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2003, Microsoft ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò máa ń jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọjọ́ yẹn bá pé, ìdìpọ̀ àwọn ẹyọ ló máa ń jáde, tí ẹ lè mú èyí, kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyẹn dára létí, àbí? Ẹ wá wo ohun tó ń dá sílẹ̀. Ká sọ pé ẹyọ mẹ́wàá péré ló jáde, tí olúkúlùkù sì lè gbà tàbí kó kọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kìíní ní ọ̀nà méjì: o gbà á tàbí o ò gbà á. Èkejì sọ ọ́ di mẹ́rin, ẹ̀kẹta sọ ọ́ di mẹ́jọ. Bí ẹ bá ń lọ báyìí dé ìkẹwàá, oríṣi kọ̀ǹpútà 1,024 ló lè wà láyé, kò sì sí méjì tó bára mu nínú wọn. Àwọn tó ń dán ọ́púdéètì wò ní Microsoft, kọ̀ǹpútà tó ti gba gbogbo ẹyọ ni wọ́n fi ń dán an wò. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín lè máà jọ ọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ́púdéètì kan fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ wọn, kó sì da nǹkan rú lọ́dọ̀ yín.

Windows 7 ló jìyà èyí jù. Àkójọ ńlá àkọ́kọ́ tó gbà, tí wọ́n pè ní Service Pack 1, jáde ní oṣù Kejì ọdún 2011. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ lórí ẹyọ ni fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fi Windows 7 tuntun sórí lápútọ́ọ̀pù ní ọdún 2015 á jókòó tì í, á máa kó àwọn ẹyọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún un tàn, á tún kó òmíràn. Bí iná bá lọ láàrin méjì, kó tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Bó bá fo ẹyọ kan, kò sí ẹyọ mìíràn tó máa bá a dí ihò yẹn. Ohun tí atúnkọ̀ǹpútà Ìkàrẹ́ ń sọ nìyẹn, ó sì jàre.

Ìwé àwìn ìyá olóúnjẹ

Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò mìíràn: ọ́púdéètì àkópọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Microsoft gbé irú ètò yìí lọ sórí Windows 7 àti Windows 8.1 náà. Láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń ta oúnjẹ àwìn fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá, láàrin Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà.

Ká sọ pé ní oṣù Kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ 3,000 náírà. Ní oṣù Karùn-ún ó jẹ 2,000. Ní oṣù Kẹfà ó jẹ 1,500. Ìyá náà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, kó mú bébà tuntun ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kó kọ ti oṣù yẹn nìkan sí i. Bí bébà oṣù Karùn-ún bá sọnù, 2,000 náírà ti lọ nìyẹn. Bó ti wù kó tọ́jú bébà oṣù Kẹfà tó, 1,500 ló máa bá níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kó máa gbé gbèsè ẹ̀yìn wá sórí bébà tuntun. Bébà oṣù Karùn-ún á ka 5,000, ti oṣù Kẹfà á ka 6,500. Bí ti oṣù Karùn-ún bá sọnù pátápátá, kò já mọ́ nǹkan kan, torí ti oṣù Kẹfà ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni àtúnṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì ni ọ́púdéètì àkópọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́ńbà tòótọ́ dípò náírà. Kọ̀ǹpútà bọ̀dá mi yẹn ń lo Windows 10 22H2, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 19045. Lẹ́yìn 19045 yìí, àmì kan wà, lẹ́yìn àmì yẹn ni nọ́ńbà tó ń yí padà lóṣooṣù. Ọ́púdéètì ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2024, KB5036892, gbé e dé 19045.4291. Ti ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, KB5037768, ń gbé kọ̀ǹpútà dé 19045.4412. Èyí ni wọ́n fò. Ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, KB5039211, ń gbé e dé 19045.4529. Nígbà tí wọ́n gba ti oṣù Kẹfà, kọ̀ǹpútà wọn bọ́ sí 4529 gẹ́lẹ́, bíi ti ẹni tí kò fo oṣù kankan. Gbogbo àtúnṣe tó wà nínú 4412 wà nínú 4529.

Báwo ló ṣe ń fo àárín?

Ẹni tó bá rò ó dáadáa á béèrè pé: ṣé kì í ṣe ìyàtọ̀ láàrin àtijọ́ àti tuntun nìkan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, kí dátà má baà pọ̀? Bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ ni, ṣé ẹni tí kò ní ti oṣù Karùn-ún lè lo ìyàtọ̀ tó wà láàrin oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà?

Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe odindi fáìlì. Ṣùgbọ́n wọn kì í wọn ìyàtọ̀ náà láti oṣù tó kọjá. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn bí fáìlì yẹn ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ̀dà Windows náà kọ́kọ́ jáde. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan tó yí padà, nǹkan méjì ni ọ́púdéètì máa ń lò. Èkíní ń sọ bí èèyàn ṣe lè ti ìpìlẹ̀ dé ti oṣù yìí. Èkejì ń sọ bí èèyàn ṣe lè ti ti oṣù yìí padà sí ìpìlẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì tọ́jú ìyẹn pamọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ti oṣù Kẹfà dé, kọ̀ǹpútà bọ̀dá mi mú fáìlì oṣù Kẹrin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lo ìlànà ìpadà tó ti tọ́jú láti dá a padà sí ìpìlẹ̀, ó sì ti ìpìlẹ̀ lọ sí oṣù Kẹfà tààrà. Oṣù Karùn-ún ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá. Ẹ fi wé ọkọ̀ tó jẹ́ pé gáréèjì Ìkàrẹ́ nìkan ló ti ń gbéra. Bóyá ìrìn àjò yín tó kọjá parí sí Àkùngbá tàbí sí Ọ̀kà, ẹ máa kọ́kọ́ padà sí gáréèjì ni, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ò yí ibi tí ẹ máa dé padà.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ka dátà. Bí ẹ bá fo oṣù méjì, kì í ṣe fáìlì mẹ́ta lẹ máa gbà. Fáìlì kan ṣoṣo ni, èyí tó dé kẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà méjì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017

Ní ọdún 2017, Microsoft pàápàá fo oṣù kan. Ọ́púdéètì tó yẹ kó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ò jáde. Wọ́n ní ìṣòro kan yọjú ní wákàtí tó kẹ́yìn, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Nígbà tí ọjọ́ yẹn pé, nínú ohun tó jáde ni àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní MS17-010. Ó ń dí ihò kan nínú apá Windows tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Ní àkókò yẹn, Windows 7 ní ọ̀nà méjì láti gba àtúnṣe. Ọ̀kan ń jẹ́ "Monthly Rollup", òun ni àkópọ̀, òun náà sì ni kọ̀ǹpútà ilé máa ń gbà fúnra rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ "Security Only", tí àwọn iléeṣẹ́ kan ń lò torí ó kéré. Àtúnṣe ààbò ti oṣù yẹn nìkan ló ń gbé, kì í gbé ti ẹ̀yìn wá. Bébà ìyá olóúnjẹ méjèèjì nìyẹn, lórí Windows kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan ní Ìkàrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀kà. Méjèèjì ń lo Windows 7, méjèèjì sì fo ti oṣù Kẹta. Ti Ìkàrẹ́ ò tilẹ̀ gba ti oṣù Kẹrin. Ó ṣì jókòó jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, nígbà tó gba àkópọ̀ oṣù yẹn, KB4019264. Ti Ọ̀kà ló ṣiṣẹ́ jù: ó gba "Security Only" oṣù Kẹrin, KB4015546, ó tún gba ti oṣù Karùn-ún, KB4019263.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Ihò tí MS17-010 ń dí gan-an ló ń gbà wọlé. Kò dúró de ẹni tó máa tẹ líǹkì kankan. Bó bá ti rí kọ̀ǹpútà tí ihò yẹn ṣí lórí nẹ́tíwọ̀kì, ó ti wọlé nìyẹn. Á ti gbogbo fáìlì pa, á sì bèèrè 300 dọ́là ní bítíkọ́ìnì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà pọ̀ sí, ìdààmú náà dé ó kéré tán 80 nínú àjọ ilé ìwòsàn ìjọba 236. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n dá ọkọ̀ aláìsàn padà. Windows 7 tí wọn ò tíì tún ṣe ló pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o.

Nínú àpẹẹrẹ wa, èwo ló máa bọ́? Ti Ìkàrẹ́ ni. Àkópọ̀ oṣù Karùn-ún ti gbé MS17-010 wá pẹ̀lú rẹ̀ láti oṣù Kẹta. Ti Ọ̀kà, tó gba ọ́púdéètì méjì, tó sì ti gba tuntun ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, torí pé KB4012212, tí í ṣe "Security Only" oṣù Kẹta, nìkan ló lè tì í ní ọ̀nà tó yàn yẹn. Iye ìgbà tí èèyàn gba ọ́púdéètì kọ́ ló gba ẹnikẹ́ni là, irú èyí tó gbà ni.

Ìgbà tí fífò dára, àti ìgbà tó léwu

Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó fo oṣù kan ló sùn dáadáa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2021, KB5000802 jáde fún Windows 10. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, bí èèyàn bá ti tẹ "Print", gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, á kọ APC_INDEX_MISMATCH, á sì kú. Ẹ rò ó wò fún ẹni tó jẹ́ pé ìtẹ̀wé ló ń jẹ. Microsoft ní láti sáré gbé àtúnṣe pàjáwìrì jáde láàrin oṣù náà. Nígbà tí àkópọ̀ oṣù Kẹrin, KB5001330, dé ní ọjọ́ 13, àtúnṣe yẹn ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fo oṣù Kẹta pátápátá, tó gba ti oṣù Kẹrin, kò pàdánù àtúnṣe kankan, kò sì rí búlúù.

Ẹ kíyè sí i pé àtúnṣe pàjáwìrì yẹn náà jẹ́ irú họ́tífíìsì kan: ó wá fún ìṣòro kan pàtó, kò dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti ti ayé Windows 7 ni pé àkópọ̀ tó tẹ̀ lé e gbé e mì. Ẹ ò ní láti máa wá a kiri.

Ohun tó ń sọ fífò di ewu ni àkókò. Lọ́jọ́ tí àtúnṣe bá jáde, àwọn ọlọ́ṣà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà á gbà á. Wọ́n á fi fáìlì àtijọ́ wé tuntun, ibi tó bá ti yàtọ̀ ló máa fi ihò hàn wọ́n. Àtúnṣe ń tì ilẹ̀kùn fún ẹni tó gbà á, ó sì ń na ìka sí ilẹ̀kùn ẹni tí kò gbà á.

Ẹ padà sí ọdún 2017, kí ẹ fi ka ọjọ́. Àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ihò náà wọlé di ohun tí gbogbo ayé rí gbà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin. WannaCry dé ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 59 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fo oṣù Kẹta, tó wá gba àkópọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ti tì ilẹ̀kùn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí irinṣẹ́ yẹn tó tú síta. Ẹni tó fo méjèèjì, tó gba ti ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, bọ́ pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹni tó fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ bà. Oṣù kan kò pa á. Kíkọ̀ láti padà wá ló pa á.

Windows fúnra rẹ̀ gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "Pause updates" lórí Windows 10, ọjọ́ 35 ló máa gbà yín láyè jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ gba èyí tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó lè tún dá a dúró. Oṣù kan àti díẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí àkópọ̀ kì í kó

Àkópọ̀ ò kó gbogbo nǹkan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo Windows 10 rí ọ́púdéètì méjì. KB5034122, tó jẹ́ àkópọ̀ oṣù náà, wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. KB5034441 ń kọ̀, ó ń gbé 0x80070643 wá ní gbogbo ìgbà. Èkejì yìí kì í ṣe ara àkópọ̀. Igun kékeré kan lórí dísìkì, tí Windows fi ń gba ara rẹ̀ là nígbà tó bá dákú, ló ń tún ṣe, ó sì nílò 250 MB àyè òfìfo níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò ní àyè yẹn ò lè gbà á. Àwọn èèyàn rò pé gbogbo ọ́púdéètì àwọn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àkópọ̀ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá kọ̀, ẹ wo nọ́ńbà KB tó kọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í páyà. Sọ́fútíwia tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti Office náà ní ọ̀nà tiwọn.

Ìkejì ni pé ìpìlẹ̀ ni àkópọ̀ dúró lé. Ti 19045 ò ní sọ Windows 10 àtijọ́ kan di 19045. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí ẹ̀dà tí wọ́n ti pa tì. Windows 10 fúnra rẹ̀ sì ti dé òpin: ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ọ́púdéètì tó kẹ́yìn fún gbogbo èèyàn jáde, KB5066791, tó ń gbé kọ̀ǹpútà dé 19045.6456. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò nìkan ló ń rí tuntun gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àǹfààní àkópọ̀ níbẹ̀: bí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní 19045, tó sì ti fo ọ̀pọ̀ oṣù, KB5066791 kan ṣoṣo ti tó láti gbé e dé ibi tí Windows 10 parí sí.

Bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí ẹ wà

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ èyí, kí ẹ tẹ Enter:

```
winver
```

Fèrèsé kékeré kan á jáde. Ẹ wá ibi tó kọ "OS Build", kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì. Ìyẹn ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá ṣí "Update history", tí ẹ ò rí KB oṣù tí ẹ fò, kò túmọ̀ sí pé ihò wà. Ó dájú pé ẹ ò ní rí i, torí ẹ ò gbà á. Bí nọ́ńbà tí ẹ wà nísinsìnyí bá ti ju ti oṣù yẹn lọ lórí ẹ̀dà kan náà, ohun tó wà nínú oṣù yẹn ti wọlé.

Fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin márùn-ún, kò sí ìdí tí ẹ fi máa ra dátà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ síbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti dára ní Ìkàrẹ́, ẹ ṣí catalog.update.microsoft.com, ẹ kọ nọ́ńbà KB àkópọ̀ tó dé kẹ́yìn. Ẹ yan èyí tó bá ẹ̀dà Windows yín mu. x64 ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò. Fáìlì tó parí pẹ̀lú .msu lẹ máa gbà. Ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB, ẹ fi í sórí fúláàṣì, ẹ gbé e lọ sí Ọ̀kà. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ kọ èyí, bí fúláàṣì bá jẹ́ D, tí ẹ sì ti gé orúkọ fáìlì náà kúrú:

```
wusa D:\kb5066791.msu
```

Bí kọ̀ǹpútà bá ti wà lórí èyí tàbí èyí tó jù ú lọ, á sọ fún yín pé kò kàn án. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows 11 24H2, ohun kan yàtọ̀. Ìpìlẹ̀ àtijọ́ ti jìnnà, nítorí náà Microsoft gbé ìpìlẹ̀ tuntun kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, KB5043080. Bí ẹ bá lọ gba àkópọ̀ níbi tí mo sọ yẹn, fáìlì ìpìlẹ̀ yìí máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gba méjèèjì, ẹ kó wọn sínú fódà kan náà. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín ló ń gba ọ́púdéètì fúnra rẹ̀, ẹ má yọra yín lẹ́nu, á mọ ohun tó kù fún un.

Lákòótán, bí dátà bá tán lóṣù yìí, tí ẹ sì wà lórí Windows 10 tàbí 11 tó ṣì ń rí àtúnṣe gbà, ẹ lè fo oṣù kan. Ẹ kàn kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù tó ń bọ̀ síbi tí ojú yín á máa rí i, kí ẹ sì ra dátà ọjọ́ yẹn sílẹ̀.